Ọ̀kan Tó Dín Nínú Ọgọ́rin

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde ní yunifásítì, tí ẹ ń wá bi mí bóyá iṣẹ́ ògbufọ̀ dára láti fi jẹun, ẹ jókòó kí n sọ tèmi fún yín. Ẹ má retí kí n yìn ín. Ó lé ní ogún ọdún tí mo fi yá àwọn ẹlòmíràn lẹ́nu, nígbà tí mo sì gba ẹnu mi padà, mo rí i pé kò rántí bí wọ́n ṣe ń sọ tèmi mọ́. Bí ọmọ mi bá bi mí pé kí ni mo fẹ́ jẹ, ojú rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wò kí n lè mọ ohun tí òun fẹ́ kí n sọ. Iṣẹ́ ló sọ mí dà bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Ṣakété ni bàbá mi. Ìyá mi ń ta aṣọ ní Dantokpa, ọjà ńlá Kútọnu, abẹ́ àtẹ rẹ̀ ni mo sì ti gbọ́ Fọ̀n, Gùn àti Yorùbá àwọn oníbàárà tó ń wá láti Nàìjíríà. Faransé, ilé ìwé ló fi ẹgba kọ́ mi. Bí mo ṣe dé ilé ìjọba ìlú Kútọnu, èyí tí gbogbo wa ń pè ní mérì, kò gùn láti sọ. Ọkùnrin kan tó máa ń ra aṣọ lọ́wọ́ ìyá mi gbọ́ mi lọ́jọ́ kan tí mò ń bá oníbàárà kan àti alárù kan parí ìjà wọn ní èdè méjì. Ó dúró títí mo fi parí. Ó ní, "O gbìyànjú, ṣùgbọ́n o gbè sẹ́yìn oníbàárà. Wá, kí n kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é láìgbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni." Ọkùnrin náà ni Baba Bàsírù, ọmọ Pobè, òun ni ògbufọ̀ tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ Mẹ́à, ìyẹn alága ìlú, fún àwọn àlejò tó bá ń sọ Yorùbá. Bí iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ti owó oṣù, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀, kò tó ohun tí à ń jókòó sọ.

Baba Bàsírù le. Fìlà rẹ̀ kì í wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọ̀rọ̀ rẹ̀ náà kì í wọ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ bá a jáde, ó ní kí n jókòó sẹ́yìn òun, kí n ti ẹnu mi pa, kí n máa túmọ̀ nínú ikùn. Odidi ọdún kan ni mo fi túmọ̀ nínú ikùn. Bí a bá padà sí yàrá wa, á ní kí n wá sọ ọ́ síta báyìí, bí mo bá sì fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kún un, á kan tábìlì. Bí mo bá yọ ẹyọ kan kúrò, á tún kàn án, ó sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Mo ṣe àṣìṣe lọ́jọ́ kan, mo pa òwe fún un. Mo ní, "Baba, ṣebí àwọn àgbà ní bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ?" Ó wò mí tìyanu-tìyanu. Ó ní ẹni tó pa òwe náà kì í ṣe ògbufọ̀. Ó ní ọmọlúwàbí ni ẹni yẹn, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ sì ni ìyẹn. "Bí wọ́n bá rán ọ níṣẹ́ ẹrú, Ràfíátù, jẹ́ ẹ bí ẹrú. Ẹni tó rán ọ ló ni ín."

Òfin rẹ̀ tó tóbi jù ni ti "èmi". Bí Mẹ́à bá ní "mo kí yín", ògbufọ̀ ò gbọ́dọ̀ ní "Mẹ́à ní òun kí yín". "Mo kí yín" ni yóò sọ. Láàárín ìgbà tí Mẹ́à bá dákẹ́ sí ìgbà tí yóò tún bẹ̀rẹ̀, Mẹ́à ni ògbufọ̀. Kò ní ilé, kò ní aya, kò ní inú rírun. Baba ní bí àlejò bá lọ sílé tí kò rántí ojú òun, òun ti ṣe iṣẹ́ òun pé.

Ọ̀rọ̀ ìkíni káàbọ̀ ni iṣẹ́ wa jù. Àwọn aṣojú máa ń wá láti òkèèrè, àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀, àwọn ọba, àwọn oníṣòwò, àwọn tó fẹ́ kí ìlú tiwọn bá tiwa ṣọ̀rẹ́. Kí wọ́n tó bọ́ sórí ohunkóhun, Mẹ́à gbọ́dọ̀ sọ irú ìlú tí wọ́n wọ̀ fún wọn. Ọ̀rọ̀ yẹn ní ìlànà, kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láti ọdún dé ọdún. Yóò kọ́kọ́ kí aṣojú ìjọba tó wá láti ọ̀dọ̀ Pirẹ́fẹ́, gómìnà tí ìjọba yàn fún ìpínlẹ̀ wa, lẹ́yìn náà àwọn ìgbìmọ̀ ìlú, àwọn olórí ẹkùn, kó tó wá kan àlejò. Yóò fi "kúabọ̀" bẹ̀rẹ̀ ní Fọ̀n, àwọn àlejò á sì rẹ́rìn-ín, nítorí wọ́n gbọ́ "káàbọ̀" tiwọn nínú rẹ̀. Yóò sọ ibi tí ìlú wà: òkun ní gúúsù, adágún omi Nokoué ní àríwá, Sẹ̀mẹ̀ ní ìlà-oòrùn, Calavi ní ìwọ̀-oòrùn, ọ̀sà là á sí méjì, afárá mẹ́ta sì so ó pọ̀. Lẹ́yìn èyí ló máa ń kan bí ó ṣe tóbi tó, iye ènìyàn, àti ipò ìlú nínú ìjọba.

Ẹ ó rò pé ìyẹn rọrùn. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò. Faransé ní Kútọnu jẹ́ "kapitáàlì" ọrọ̀ ajé. Bí ẹ bá fi "olú-ìlú" túmọ̀ rẹ̀, ẹ ti dá ìjà sílẹ̀, torí Àjàṣẹ́ ni olú-ìlú orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ nínú òfin, ọmọ Àjàṣẹ́ kan kì í sì í ṣaláì sí níbi irú ìpàdé bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ Kútọnu ni Ààrẹ ń gbé, ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ mínísítà àti ti àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè wà. Baba kọ́ mi láti sọ pé: "Àjàṣẹ́ ló ni adé, ọ̀dọ̀ wa ni ọjà àti ọ́fíìsì wà." Ó ní ẹyọ gbólóhùn yẹn ni òun fi ọdún mẹ́ta wá.

Ti Mẹ́à fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ẹ ò gbọ́dọ̀ pè é ní olórí ìlú níwájú ọba láti Nàìjíríà, torí ọba náà á bèèrè irú adé tó dé. Alága ni ẹ ó pè é. Ẹ ó wá ṣàlàyé pé ìpínlẹ̀ Littoral kò ní ju ìlú kan ṣoṣo lọ nínú, Kútọnu náà nìyẹn, tó fi jẹ́ pé ilẹ̀ kan náà ni Mẹ́à àti Pirẹ́fẹ́ jọ ń tẹ̀. Ará ìlú ni Mẹ́à ń ṣojú fún, Pirẹ́fẹ́ ń ṣojú ìjọba àpapọ̀, ó sì ń yẹ iṣẹ́ Mẹ́à wò. Ẹkùn mẹ́tàlá ló wà nínú ìlú, olúkúlùkù ní olórí tirẹ̀. Ìlú mẹ́ta péré ni òfin fún ní ipò àrà ọ̀tọ̀ ní gbogbo Bẹ̀nẹ̀: Kútọnu, Àjàṣẹ́ àti Parakou. Àwọn àlejò máa ń bèèrè pé ta ló wá jùra lọ nínú Mẹ́à àti Pirẹ́fẹ́. Baba á yíjú sí Mẹ́à, á túmọ̀ ìbéèrè náà, á sì dúró bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn.

Iye ènìyàn náà ní wàhálà tirẹ̀. Ìkànìyàn tó kẹ́yìn kò fi púpọ̀ dín sí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin, àwọn àlejò tó sì ti há sínú ọkọ̀ àti ọ̀kadà wa láti òwúrọ̀ kì í gbà á gbọ́. Wọ́n á ní irọ́ ni, ó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í ṣe irọ́. Ibi tí ènìyàn ń sùn ni wọ́n ti ń kà á. Ẹni tó bá ń ta ọjà ní Ganhi, àárín ìlú wa, láti àárọ̀ tó sì ń padà sí Calavi lálẹ́, Calavi ló ni ín. Láàárín ìkànìyàn méjì tó kẹ́yìn, Kútọnu fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò lójú kan, Calavi sì ju ìlọ́po méjì ara rẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí Baba kì í fi í sọ pé "ènìyàn tó wà ní Kútọnu". "Olùgbé" ló máa ń sọ. Ó ní ẹni tó bá ń sùn síbẹ̀ ló ń gbé ibẹ̀, ìyókù, àlejò ni.

Ti títóbi ìlú ni mo fi sẹ́yìn, nítorí òun ló bí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Kìlómítà mọ́kàndínlọ́gọ́rin níbùú lóròó ni. Nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ ọ́, mo sáré pè é, Baba sì dá mi dúró. Ó ní kí n gbọ́ ohun tí mo sọ. "Mọ́kàn dín ní ọgọ́rin. Faransé kà á lọ sókè ni. Àwa ka ọgọ́rin tán, a wá yọ ọ̀kan. Kí àlejò tó mọ ohun tí ìlú yìí ní, a ti sọ ohun tí kò ní fún un." Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín Baba kò pọ̀, mo sì rántí èyí.

Nígbà yẹn, ilé rẹ̀ ṣì wà. Ìhà Akpakpa ló wà, lẹ́bàá òkun, ilé alámọ̀ àti búlọ́ọ̀kù tí òun àti ìyàwó rẹ̀ jọ kọ́ díẹ̀díẹ̀. Ìyàwó náà ti kú kí n tó mọ Baba. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n sin ín sí, lábẹ́ igi àgbọn kan, Baba sì máa ń jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun. Ó bá mi jẹun níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó fi ọwọ́ hàn mí ibi tí òun náà yóò sùn sí, lápá òsì rẹ̀, ó ní òun ti sọ fún àwọn ọmọ òun. Láti ibi tí a jókòó sí, a máa ń gbọ́ òkun, ṣùgbọ́n a kì í rí i. Òpópónà kan, ilé mẹ́ta àti ọgbà àgbọn wà láàárín.

Òkun ń jẹ ìhà ibẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá dàgbà ní Kútọnu ló mọ̀. Ọgbà àgbọn ló kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà òpópónà. Baba kì í sọ nípa rẹ̀ níbi iṣẹ́. Mo máa ń mọ̀ látara bàtà rẹ̀ tó bá ní iyanrìn tútù lára. Lọ́dún tí ilé àkọ́kọ́ nínú àwọn mẹ́ta yẹn wó, ó ní kí n má ṣe wá kí òun nílé mọ́. Lọ́dún tí ẹ̀kẹta wó, mo wọ zémìjàn, ọ̀kadà tiwa, lọ láìgba àṣẹ. Òkun ti wà ní ẹ̀yìnkùlé. Igi àgbọn náà ti dùbúlẹ̀. Baba dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́bìrì lọ́wọ́, ó ń kó iyanrìn padà sórí sàréè, ìgbì kan á wá, á sì kó o lọ. Mi ò pè é. Mo yí padà, mo sunkún délé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó túmọ̀ ọ̀rọ̀ ìkíni káàbọ̀ fún àwọn oníṣòwò kan. Kìlómítà mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Ohùn rẹ̀ kò yí.

Lẹ́yìn tí ilé náà lọ tán ni wọ́n tó da òkúta ńláńlá sínú òkun níhà ibẹ̀ láti dá ìgbì dúró. Ó sì dá a dúró lóòótọ́. Baba kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ní Calavi, ó wá di ẹni tó ń wọ ọkọ̀ wá sí Kútọnu láàárọ̀ tó sì ń padà ní ìrọ̀lẹ́ bíi ti àwọn yòókù. Àwọn akànìyàn ká a mọ́ ibẹ̀. Calavi ni wọ́n kọ sí iwájú orúkọ rẹ̀. Ó sọ ọ́ fún mi bí ẹni sọ̀rọ̀ òjò, ó sì bọ́ sórí iṣẹ́.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni ọjọ́ tí mò ń sọ dé. Àwọn àlejò wa ọjọ́ náà wá láti ilẹ̀ Ìlàjẹ, ní etí òkun Nàìjíríà: ọba kan, àwọn ìjòyè rẹ̀ àti alága ìjọba ìbílẹ̀ wọn. Wọ́n fẹ́ kí ìlú wọn bá Kútọnu ṣọ̀rẹ́, torí ilẹ̀ tiwọn náà, òkun ń jẹ ẹ́ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Kí wọ́n tó dé gbọ̀ngàn, wọ́n kọ́kọ́ fi bọ́ọ̀sì gbé wọn lọ wo àwọn òkúta ìdènà tó wà létí òkun. Baba wà nínú bọ́ọ̀sì náà, èmi náà wà níbẹ̀. Ẹ̀ńjíníà kan ń ṣàlàyé ní Faransé, Baba ń túmọ̀. Ẹ̀ńjíníà náà tọ́ka sí ojú omi, ó ní láti ibi yìí títí dé ibi tí ìgbì ń fọ́ yẹn, adúgbò kan ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Baba túmọ̀ rẹ̀ geere. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé ìka ẹ̀ńjíníà wà lórí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ gan-an.

A padà sí gbọ̀ngàn. Gbogbo ènìyàn jókòó. Ìyàwó Mẹ́à wà níwájú, ó wọ aṣọ aláwọ̀ ewé, ó ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀. Mẹ́à bẹ̀rẹ̀. Kúabọ̀, ẹ̀rín, ìdúpẹ́, òkun ní gúúsù, adágún ní àríwá. Baba ń tẹ̀ lé e. Mẹ́à wá ní ìlú náà jẹ́ kìlómítà mọ́kàndínlọ́gọ́rin, ó sì sọ iye olùgbé ibẹ̀. Ó dákẹ́ kí Baba lè sọ tirẹ̀.

Baba ní, "Ìlú wa tóbi tó kìlómítà mọ́kàndínlọ́gọ́rin níbùú lóròó."

Ó dúró. Mo rò pé iye ènìyàn ló ń kó jọ, torí ó gùn láti kà. Ó wá ń bá ọ̀rọ̀ lọ, pẹ̀lú ohùn kan náà, ohùn Mẹ́à tó ti ń lò láti ìbẹ̀rẹ̀: "Ọgọ́rin ni ìbá jẹ́. Ọ̀kan ló dín. Ọ̀kan tó dín yẹn, ilé mi ni. Òkun gbé e lọ. Ibi tí mo sin ìyàwó mi sí wà nínú rẹ̀, òkun gbé òun náà lọ. Ẹ óò gbọ́ iye olùgbé ìlú yìí báyìí. Èmi ò sí nínú wọn mọ́."

Ṣé ó yé yín? "Èmi" ni ó sọ. Àwọn àlejò kò sì mọ "èmi" mìíràn ju ti Mẹ́à lọ. Àwọn ọmọ Nàgó, ìyẹn Yorùbá ilẹ̀ wa, tó wà nínú ìgbìmọ̀ ìlú gbọ́ ọ, wọ́n mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, wọ́n doríkodò. Àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá ń dúró de ìpàtẹ́wọ́.

Ọba Ìlàjẹ dìde. Nígbà tí ọba dìde, gbogbo ìjòyè dìde. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó na ọwọ́ méjèèjì sí Mẹ́à, ó ní, "Alága, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ kú ìfaradà. Èyí tó dé bá yín yìí, òun náà ló dé bá mi. A ò rí sàréè bàbá mi mọ́. Ọlọ́run yóò tẹ́ ìyàwó yín sí afẹ́fẹ́ rere." Àwọn tó kù ń ṣe àmín. Ìjòyè kan wo ìyàwó Mẹ́à níwájú, ó wo abẹ̀bẹ̀ rẹ̀, mo sì rí i lójú rẹ̀ pé ó ti gbà pé ìyàwó tuntun nìyẹn. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ̀rín ìbá pa mí.

Mẹ́à yíjú sí Baba, ó bi í ní Faransé pé kí ni wọ́n ń sọ. Baba ń wo gbohùngbohùn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi lé e lọ́wọ́. Mẹ́à bi í lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà ló bojú wẹ̀yìn, ó wo èmi.

Ẹ̀yin ọmọ, ibi tí iṣẹ́ yìí ti ń dun ènìyàn nìyí. Ohun tí mo lè sọ pọ̀. Mo lè ní wọ́n ń kí yín ni, Mùsíé, wọ́n ní ìlú yín dára. Mẹ́à á rẹ́rìn-ín, á ní ẹ ṣé, gbogbo wa á jókòó, Baba á sì padà sí ẹ̀yìn ẹlòmíràn níbi tó ti wà láti ọgbọ̀n ọdún. Iṣẹ́ ẹrú, kí n fi tọmọ jẹ́ ẹ. Mo wo Baba kó lè ṣẹ́jú sí mi. Kò wo ọ̀dọ̀ mi. Ọ̀rọ̀ tó sì wà lẹ́nu mi, òun fúnra rẹ̀ ló fi síbẹ̀.

Mo ní, "Wọ́n ń bá yín kẹ́dùn, Mùsíé Mẹ́à, nítorí ilé yín tí òkun gbé lọ, àti sàréè ìyàwó yín tó wà nínú rẹ̀."

Ìyàwó Mẹ́à dá abẹ̀bẹ̀ dúró. Mẹ́à wò mí, ó wo Baba fún ìgbà pípẹ́, ó wo ìwé ọ̀rọ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ènìyàn dáadáa ni. Ó fi ọwọ́ lé Baba léjìká, ó sì ní kí n túmọ̀: "Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ẹni tó ni ilé náà ló dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yìí. Òun ló yẹ kí ẹ kí." Mo túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe sọ ọ́.

Gbogbo gbọ̀ngàn yíjú sí Baba Bàsírù. Ọba rìn wá bá a, ó dì í lọ́wọ́ mú. Àwọn ìjòyè yí i ká, wọ́n ń kí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọn kò ní nǹkan kan nínú ju àánú lọ. Ṣùgbọ́n èmi mọ ẹni tí wọ́n ń kí. Ọkùnrin tó ní kí ẹnikẹ́ni má rántí ojú òun, gbogbo ojú ló wà lára rẹ̀. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ó rọra fi gbohùngbohùn sórí àga mi, ó tún fìlà rẹ̀ tó dúró dáadáa tẹ́lẹ̀ ṣe, ó sì jáde. Èmi ni mo túmọ̀ ìyókù: ẹkùn mẹ́tàlá, Pirẹ́fẹ́, ipò àrà ọ̀tọ̀, Àjàṣẹ́ ló ni adé. Iye olùgbé náà, mo kà á tán láìṣìnà.

Kò sí ẹni tó lé e. Mẹ́à ránṣẹ́ sí i pé kó padà wá. Òun ló kọ̀ ọ́, ó ní òun fẹ́ sinmi. Nígbà tó wá kó ẹrù rẹ̀, mo wà ní yàrá. Mo fẹ́ bẹ̀bẹ̀, ó gbé ọwọ́ sókè. Ó ní, "O jẹ́ iṣẹ́ náà bí wọ́n ṣe rán ọ." Mo ti gbé gbólóhùn yìí wò lọ́tùn-ún lósì láti ìgbà náà. Ó lè jẹ́ ìyìn. Ó tún lè jẹ́ pé ohun tó ń retí lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ yẹn gan-an ni pé kí n má jẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò sọ èyí tí í ṣe, ohùn rẹ̀ kì í sọ.

Mo jókòó sórí àga rẹ̀. Àwọn irinṣẹ́ ń yí padà. Wọ́n gbé ẹ̀rọ tí àlejò ń kì bọ etí wá, èmi náà wọ inú àpótí onígíláàsì kan lẹ́yìn gbọ̀ngàn, mò ń sọ̀rọ̀ lé Mẹ́à lórí bó ṣe ń sọ tirẹ̀ lọ́wọ́. Baba ìbá fẹ́ràn rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í rí ọ níbẹ̀. Òfin ìlú náà yí. Ìjọba yan akọ̀wé àgbà kan tó ń bójú tó iṣẹ́ ojoojúmọ́ mérì, Mẹ́à sì di ẹni tó ń ṣe olórí ìgbìmọ̀ tó ń ṣojú ìlú. Ó di dandan kí n wá ọ̀rọ̀ tuntun fún ìyẹn, mo sì fi ọjọ́ pípẹ́ wá a kí alága má baà dà bí ẹni tí wọ́n gba àga lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ fúnra rẹ̀. Àlejò á gbé e síwájú, á máa kà á. Fóònù máa ń pe Kútọnu ní olú-ìlú, mo sì máa ń rí ọmọ Àjàṣẹ́ kan níbì kan tó ń fajú ro. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ó ń kọ́ ọgbọ́n lọ́dọọdún, èmi sì ń darúgbó lọ́dọọdún.

Nítorí náà bí ẹ bá bi mí bóyá kí ẹ kọ́ iṣẹ́ yìí, mi ò mọ̀ bóyá ẹ ó rí i ṣe. Ohun tí mo mọ̀ ni ti ìgbà tí mo lọ sí Calavi kẹ́yìn.

Ọmọ Baba ló pè mí pé ara rẹ̀ kò yá. Mo bá a lórí ẹní, ó ti rù, fìlà rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti kúrò ní mérì, a kò tíì sọ̀rọ̀ nípa gbọ̀ngàn yẹn, a kò sì sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Ó bi mí bóyá àlejò ṣì ń wá. Mo ní wọ́n ń wá. Ó ní ṣé Mẹ́à ṣì ń kí wọn káàbọ̀ bó ṣe yẹ. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Baba. Ó pa ojú dé.

Ó ní, "Ràfíátù, báwo ni ìlú náà ṣe tóbi tó báyìí?"

"Kìlómítà mọ́kàndínlọ́gọ́rin, Baba."

"Wọn ò tíì yọ nǹkan kan kúrò níbẹ̀?"

"Wọn ò tíì yọ ọ́."

Ó mí kanlẹ̀. Ojú rẹ̀ wà ní pípadé, àmọ́ mo rí i pé ọkàn rẹ̀ balẹ̀, bí mi ò ṣe rí i kó balẹ̀ rí láti ọdún tí igi àgbọn dùbúlẹ̀.

Ó ní, "Ó dáa. Ilé mi ṣì wà nínú rẹ̀ nìyẹn."

Calavi ni wọ́n sin ín sí.